Ẹ Má Fi Fọ́tò Iwájú Ra Ká-sìtì

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín wa ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ yìí pé ẹni tó bá ti rí fọ́tò ká-sìtì dáadáa ti mọ irú ọmọ tó wà fún. Ọlọ́jà tòkunbọ̀ á ya iwájú àga náà, á fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé “ọmọ tuntun sí ọdún 4”. Òbí á rí i pé tìmùtìmù rẹ̀ nípọn, á sanwó. Irọ́ ni ìgbàgbọ́ yẹn. Fọ́tò iwájú kì í sọ ọmọ tí àga wà fún, ọjọ́ orí tí ọlọ́jà kọ sábẹ́ rẹ̀ kò sì sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ní ọmọ oṣù 5, tí káàdì ìwọ̀n rẹ̀ láti ilé ìwòsàn sọ pé kílò 7 ni. Wọ́n fi fọ́tò àga dúdú kan ránṣẹ́ sí i: bẹ́líìtì méjì lórí èjìká, méjì ní ìbàdí, ọ̀kan láàárín itan. Àga ọmọ jòjòló àti ti ọmọ tó ti ń rìn lè jọra bí ìbejì nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ìyá yìí kò sanwó. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yí i padà, kí ẹ ya sítíkà aláwọ̀ ọsàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀ fún mi.”

Nígbà tí fọ́tò kejì dé, ohun tó wà lórí sítíkà náà ni R44/04, lẹ́tà E àti nọ́mbà 4 nínú òbìrí, àti “9–18 kg”. E4 túmọ̀ sí pé ilẹ̀ Netherlands ló fọwọ́ sí àga náà. 04 ni àtúnṣe ìkẹrin òfin R44 tí wọ́n fi dán an wò. Ìdájọ́ wà nínú “9–18 kg” tó gbẹ̀yìn. Àga náà bẹ̀rẹ̀ láti kílò 9, ọmọ náà kò tíì tó o. Kò sí ohun tó ṣe àga náà. Kì í ṣe ti ọmọ yìí ni. Bó bá jẹ́ R129 ló wà lórí sítíkà, gíga ọmọ ní sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹ wá níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀ wọ̀n.

Kí ló dé tí kílò 2 fi ṣe pàtàkì? Irú àga kílò 9 sí 18 bẹ́ẹ̀, iwájú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọjú sí. Orí ọmọ tuntun tó ìdá mẹ́rin gígùn ara rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì le. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan ní márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bìní, bẹ́líìtì á di ara ọmọ mú, orí á fò síwájú, ọrùn nìkan ni á sì gbé ìwúwo náà. Ọmọ tó kẹ̀yìn sí iwájú ọkọ̀, ẹ̀yìn àga ni á gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin R129 fi ní kí ọmọ má kọjú síwájú kó tó ju oṣù 15 lọ.

Àga Amẹ́ríkà kì í ní sítíkà aláwọ̀ ọsàn. Ẹ lè fura sí i nínú fọ́tò: ike kan máa ń so bẹ́líìtì èjìká méjèèjì pọ̀ ní àyà ọmọ, èyí tí àga Yúróòpù kì í sábà ní. Pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń kọ ìwúwo sí i. Ọmọ kílò 7 jẹ́ bíi pọ́n-ùn 15. Nọ́mbà irú àga náà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é máa ń wà lára sítíkà tirẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì ṣe pàtàkì jù. Ní 2014, ilé-iṣẹ́ Graco pe àga tó lé ní mílíọ̀nù 5 padà nítorí pé ìdè bẹ́líìtì wọn ń le jù láti ṣí, èyí tó lè há ọmọ mọ́ inú ọkọ̀ nígbà ewu. Kò sí fọ́tò iwájú tó lè fi àga tí wọ́n pè padà hàn yàtọ̀ sí èyí tí wọn kò pè. Nọ́mbà àti ọjọ́ yẹn lẹ máa fi wádìí ní nhtsa.gov/recalls. Ẹ tún wo ara ike ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọdún tí ìlò rẹ̀ dópin.

Àwọn kan á ní àgakágà ṣáà sàn ju kí ìyá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé kò sí apá ìyá tó lè di ọmọ mú nígbà ìjàm̀bá. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ fẹ́ fi ra èyí tí kò bá ọmọ mu lè ra èyí tó bá a mu, bí ẹ bá béèrè kí ẹ tó san án.

Sítíkà pàápàá kò lè sọ bóyá àga náà ti wà nínú ọkọ̀ tó ní ìjàm̀bá. Ẹni tó lò ó nìkan ló mọ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọlọ́jà bá kọ̀ láti ya sítíkà, tàbí tí kò mọ ọwọ́ ẹni tí àga náà ti wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó.