Fọ́tò ti sọnù: kí la máa sọ fún dókítà?

Ìpè kan wà tí dókítà tó bá ní mọ̀lẹ́bí ní Parakou kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá lálẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan sú sí ọmọ mi lára. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀, àmọ́ fọ́tò náà ti sọnù. Ó pupa. Àrùn wo nìyẹn?" Bí dókítà bá ní òun ò lè dárúkọ àrùn kankan, inú á bí ẹni tó pè é. Wọ́n á ní ó ti di ọ̀gá, pé kò ka ará ilé sí mọ́. Níhìn-ín ní Titirou, mo ti gbọ́ ẹ̀sùn yìí tó láti kọ̀wé lé e lórí. Ẹ̀yìn dókítà ni mo wà. Òótọ́ ló sọ, bó bá sì dárúkọ àrùn ní tipátipá, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù bà wá.

Ọ̀nà tí awọ ara fi ń sọ ohun tó ń ṣe é kò pọ̀. Ó lè yí àwọ̀ padà láìga sókè. Ó lè yọ kóókóó. Ó lè gba omi tàbí ọyún, ó lè gbẹ, kó sì bó. Àmì díẹ̀ yìí ni àìmọye àrùn jọ ń pín lò. Nítorí náà, bí fọ́tò bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́, àbọ̀ ìròyìn ni. Kò lè sọ bóyá ara gbóná, bóyá ó ń yún ọmọ, bóyá ó le lábẹ́ ìka, bóyá ó ń parẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́, tàbí ọjọ́ kelòó nìyí tó ti yọ. Lórí ara dúdú bíi tiwa, iṣẹ́ náà tún le sí i. Ohun tí wọ́n ń pè ní pupa nínú ìwé àwọn òyìnbó máa ń rí bí ohun tó dúdú ju awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí kó pọ́n bí àlùkò. Bí a bá wá fi iná fóònù yà á lóru, iná náà á tàn yanran lórí awọ, gbogbo ìyàtọ̀ á sì sọnù.

Fọ́tò tó sọnù tún ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó yà á kì í rántí ara ọmọ mọ́. Fọ́tò ló ń rántí, nítorí ojú fóònù ló fi wò ó. Bí dókítà bá bi í pé, "Ṣé ó gba omi?", á ní bẹ́ẹ̀ ni. "Àbí gbígbẹ ló gbẹ?" Á ní ó jọ bẹ́ẹ̀ náà. Irọ́ kọ́ ló ń pa o. Ìbẹ̀rù ti mú un débi pé gbogbo ìbéèrè ló ń dún bí ìdáhùn létí rẹ̀. Dókítà tó bá gbé oògùn ka orí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló ń wò.

Ká mú ọmọ ọdún mẹ́ta kan ṣe àpẹẹrẹ. Ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ Ajé. Ìyá rẹ̀ ra àmọ́kísílìnì ní ilé oògùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́jọ́ náà. Ní Ọjọ́bọ̀, nǹkan sú sí i lára. Ìyá yà á lálẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, fóònù bọ́ sínú bákẹ́ẹ̀tì omi. Ní ọjọ́ Àìkú ó wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ dókítà, ohun tó sú náà sì ti ń lọ sílẹ̀. Ó kéré tán, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí pín sí. Ó lè jẹ́ èéyi, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ibí ń pè ní rùjọ́ọ̀lù. Ó sì lè jẹ́ pé oògùn ni ara ọmọ kọ̀. Nínú fọ́tò kan ṣoṣo, méjèèjì lè jọra bí ìbejì: kóókóó wẹ́wẹ́ káàkiri ara. Ẹnu ìyá ni ìyàtọ̀ wà, bó bá ń rántí ohun tó yẹ.

Èéyi kì í kọ́kọ́ dé orí awọ. Ibà ló máa ń ṣáájú, fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, pẹ̀lú ikọ́, ọ̀fìnkìn, àti ojú tó pọ́n tó ń ṣomi. Lẹ́yìn náà ló máa ń sú, ẹ̀yìn etí àti iwájú orí ló sì máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Á sọ̀ kalẹ̀ sí ojú, sí ọrùn, sí àyà, títí á fi dé ẹsẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta. Bó ṣe wá náà ló ṣe máa ń lọ, á fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀, awọ á sì máa ṣí bí eruku. Èyí tí oògùn fà yàtọ̀. Àyà tàbí ẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ sí, ó máa ń yún, ojú kì í sì í sábà pọ́n. Kì í sábà jáde lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan, àní ó lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn tí oògùn bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tètè yọ bí ọmọ bá ti lo irú oògùn náà rí.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ṣe lè níye lórí. Bó bá sọ pé, "Ó ti ń wúkọ́, ojú rẹ̀ sì pọ́n láti ọjọ́ Ajé, ẹ̀yìn etí ni mo ti kọ́kọ́ rí i ní Ọjọ́bọ̀, ó dé ẹsẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mi ò gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án, ọmọ mìíràn nínú àgbàlá wa ṣe irú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá," dókítà kò nílò fọ́tò kó tó mọ ohun tí yóò ní kí wọ́n ṣe. Èéyi ló máa fura sí, yóò sì ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ sí àwọn ọmọ kéékèèké, nítorí èéyi máa ń ràn láti ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú kó tó sú títí di ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, ìfura ni. Ọmọ tó tilẹ̀ gba abẹ́rẹ́ èéyi lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́sàn-án ṣì lè kó o, nítorí nǹkan bí 85 nínú ọmọ 100 ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ yẹn máa ń dáàbò bò.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ogoja, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Foege, wà níbẹ̀, àmọ́ oògùn àjẹsára ọwọ́ rẹ̀ kò tó gbogbo èèyàn. Ó bọ́ sórí rédíò tí àwọn míṣọ́nnárì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, ó bẹ̀ wọ́n pé kí kálukú rán èèyàn sí àwọn abúlé tó yí i ká, kí wọ́n wá jíṣẹ́ ibi tí ìgbóná wà. Ìròyìn dé. Kò sí fọ́tò kankan lórí rédíò yẹn. Ohun tó rí gbà kò ju pé ó mọ ibi tó yẹ kóun lọ, ó sì lọ, wọ́n gún àwọn tó wà ní àyíká àrùn náà ní abẹ́rẹ́. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n mú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí tí ẹni ìkẹyìn tó ní ìgbóná ní Nàìjíríà fi jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1970. Nígbà yẹn, ìbéèrè tí wọ́n fi ń ya ìgbóná sọ́tọ̀ sí fárísẹ́ẹ̀lì kò le rárá. Ṣé gbogbo rẹ̀ dàgbà bákan náà, ó sì pọ̀ jù lójú, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, títí dé àtẹ́lẹwọ́? Àbí àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba omi, tí àwọn mìíràn ti gbẹ, tó sì pọ̀ jù láyà àti lẹ́yìn? Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìgbóná, èkejì jẹ́ ti fárísẹ́ẹ̀lì. Ìyá tí kò mọ̀wé lè dáhùn rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ pe dókítà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pè é, kó tó fi ìbéèrè tirẹ̀ darí yín. Ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tó kọ́kọ́ sú: ìwọ̀nyí ló ṣáájú. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó gbà lọ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, kẹ́ ẹ sọ bóyá ó ga tàbí ó tẹ́jú, bóyá ó ń yún ọmọ lóru ju ọ̀sán lọ, àti bóyá ẹlòmíràn nínú ilé ń ṣe irú rẹ̀, nítorí ohun tó ń yún gbogbo ilé lóru láàárín ìka máa ń jẹ́ kúrúnà. Ẹ ka gbogbo oògùn tí ọmọ lò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ má fi ti àgbo pamọ́. Ẹ má sì gbàgbé ìpara. Ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n ń tà lọ́jà Arzèkè ní kọ́tísọ́ọ̀nù nínú, bí a bá sì fi pa lápálápá, etí rẹ̀ tó ga yíká yóò rọlẹ̀, ìyún á dín kù, lápálápá fúnra rẹ̀ á máa tàn lọ lábẹ́. Dókítà tí kò mọ̀ nípa ìpara náà lè wò ó lójúkojú kó má dá a mọ̀. Ẹ mú páálí ìpara náà dání.

Àwọn ìgbà kan wà tí kò yẹ ká máa ṣàlàyé lórí fóònù rárá. Bí ara bá gbóná tí ohun tó sú sì dà bí ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ awọ, ẹ fi ife gíláàsì tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá parẹ́ lábẹ́ gíláàsì, ẹ dìde, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Lórí ara tó dúdú gan-an, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, inú ìpéǹpéjú àti àjà ẹnu lẹ máa wò. Parakou wà nínú ilẹ̀ tí àrùn yírùnyírùn máa ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, irú àmì yìí sì lè jẹ́ tirẹ̀. Ó lè pani láàárín wákàtí díẹ̀. Bákan náà ni bí awọ bá ń bó bí ẹni iná jó, tí ẹnu tàbí ojú sì lé egbò lẹ́yìn oògùn kan: ẹ dá oògùn náà dúró, kẹ́ ẹ sì gba CHUD lọ lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí kò lè mí dáadáa tàbí tí ẹ pè tí kò jí, ọ̀nà kan náà ni.

Bí ẹ bá ṣì máa ya fọ́tò lọ́jọ́ mìíràn, ẹ yà á lọ́sàn-án lẹ́bàá fèrèsé, láìtan iná fóònù. Ẹ ya ọ̀kan láti òkèèrè kó fi ibi tó wà lára hàn, ẹ ya èkejì nítòsí, pẹ̀lú owó ẹyọ 100 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí títóbi rẹ̀ lè yéni. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn nínú ilé pẹ̀lú.

Ní ti ọmọ ọdún mẹ́ta wa, ọ̀nà kò tíì dí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò lọ, ohun tó sú sì ń parẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì lè jẹ́rìí. Láti nǹkan bí ọjọ́ kẹrin tí èéyi bá ti sú títí di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣì lè fi hàn bóyá òun ni. Ohun kan wà tí nọ́ọ̀sì máa béèrè kó tó fa ẹ̀jẹ̀ yẹn, kó lè mọ bó ṣe máa ka èsì rẹ̀: ọjọ́ wo gan-an ló kọ́kọ́ sú?