Ẹ̀rí Lẹ́nu Ẹni Tá A Jọ Ṣiṣẹ́

Ọdún mẹ́rin ni obìnrin kan fi ṣe alábòójútó sítọ́ọ̀ nílé iṣẹ́ kan tó ń ta oògùn ní páálí páálí ní Kánò. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Àbújá, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. Ó ṣí ojú ìwé sórí LinkedIn, níbi táwọn tó ń gbani síṣẹ́ ti máa ń yẹ èèyàn wò kí wọ́n tó pè é. Ó to gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe síbẹ̀, àmọ́ ẹnu ara rẹ̀ nìkan ló fi sọ ọ́. Abala tí wọ́n ń pè ní "Recommendations", níbi tí ẹlòmíràn ti ń jẹ́rìí síni pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán tiẹ̀, ṣófo.

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ bẹ̀, nítorí pé orúkọ ńlá ló ń wá. Kò pè é lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí LinkedIn ti tẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kàn fi ránṣẹ́. Oṣù méjì kọjá, kò sí èsì. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ríra wọn nígbà tí wọ́n jọ wà níbi iṣẹ́. Kí ni ọ̀gá fẹ́ kọ?

Ìgbà yẹn ló tó rántí ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó. Ní ìparí oṣooṣù, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń ka ọjà, tí ẹ̀gbọ́n yìí á sì kọ oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá sílẹ̀ bí àdánù. Kí obìnrin yìí tó dé, bí páálí bá ṣe ń wọlé ni wọ́n ń tò ó, tuntun á bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ títí ọjọ́ rẹ̀ á fi kọjá. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ náà gàdàgbà sára páálí, tó ń to èyí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́lé síwájú kó lè kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ìwé àdánù tó máa ń kún ojú ewé mẹ́ta kò kún ẹyọ kan mọ́.

Ó pè é. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rí kékeré kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi kọ. Tí ibi iṣẹ́ ò bá fàyè gbà á, ẹ ṣáà sọ fún mi, kò ní bí mi nínú." Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, torí ilé iṣẹ́ mìíràn kì í fẹ́ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sí gbangba.

"Màmá Ìbejì, kí ni kí n kọ? Èmi ò mọ nǹkan kan nípa oògùn o."

"Ẹ má mẹ́nu kan oògùn rárá, mà. Ohun tẹ́ ẹ fojú yín rí nínú ìwé àdánù ni kẹ́ ẹ sọ."

Wọ́n ní láti kọ́kọ́ so pọ̀ lórí LinkedIn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orúkọ ẹ̀gbọ́n kò ní jáde. Lẹ́yìn náà ló wọ abala yẹn, ó tẹ "Ask for a recommendation", ó mú orúkọ ẹ̀gbọ́n, ó sì yan bí wọ́n ṣe jọ ṣiṣẹ́ àti ipò tó wà nígbà náà. Ó pa ọ̀rọ̀ tó ti wà níbẹ̀ rẹ́, ó kọ tiẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ àná. Iṣẹ́ alábòójútó sítọ́ọ̀ ni mò ń wá. Tẹ́ ẹ bá lè sọ bá a ṣe ń ka ọjà lóṣooṣù, àti ohun tó yí padà nínú ìwé àdánù, gbólóhùn mẹ́rin ti tó."

Àwọn mìíràn á kọ gbogbo ẹ̀rí náà fúnra wọn, wọ́n á ní kí ẹni yẹn kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Ìyẹn léwu. Agbanisíṣẹ́ lè kàn sí ẹni tó jẹ́rìí náà, bí kò bá sì lè ṣàlàyé ohun tí wọ́n ní ó kọ, àwọn méjèèjì lojú máa tì.

Lọ́jọ́ kẹfà, ẹ̀rí dé. Kò tíì hàn sí gbogbo ayé, torí ó dìgbà tí olójú ìwé bá gbà á. Ó kà á dáadáa. Ẹ̀gbọ́n kọ ọdún márùn-ún dípò mẹ́rin, ó sì kọ iye náírà tí ilé iṣẹ́ pàdánù síbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ilé tí kò yẹ kó jáde. Màmá Ìbejì dá a padà fún àtúnṣe, ó sì tún pè é láti ṣàlàyé, kó má bàa dà bíi pé ó ń bá àgbà wí. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà.

Òun náà ì bá ti fẹ́ kọ tiẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ ẹ̀rí máa ń hàn lára rẹ̀, bí ti àwọn méjèèjì bá sì jáde lọ́jọ́ kan náà, á dà bíi pé wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ni. Ó fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ bá ní òun nílò rẹ̀.