Owó Wà Nínú Àkáǹtì, Ẹ Yé Sọ Pé Nẹ́tíwọọ̀kì Ni

Ní ọjà Kàbà, bí káàdì bá kọ̀, ọ̀rọ̀ méjì péré ni a máa ń gbọ́: "Owó yín ò tó" tàbí "Nẹ́tíwọọ̀kì ni." Ti àkọ́kọ́ ń dójú tini láàárín èrò. Ti èkejì ń mú kéèyàn jókòó ti oní-pí-ó-ẹ́ẹ̀sì fún wákàtí kan, tí kò sì sí ohun tó ń bọ̀. Àwa ò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì mọ́, nítorí báńkì ti sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀rọ náà, a kàn ń fi pa mọ́ fún ẹni tó ni owó ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan lára wa. Ó ní 160,000 náírà. Ó gba 60,000 láàárọ̀ lọ́wọ́ oní-pí-ó-ẹ́ẹ̀sì kan, ó fi san gbèsè. Lọ́sàn-án, ó tún fẹ́ gba 60,000 lọ́dọ̀ ẹlòmíràn fún owó ilé. Káàdì kọ̀. Arábìnrin tó ni ẹ̀rọ ní, "Àbúrò, owó ẹ ò tó." Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí ó wò rísíìtì dáadáa ló rí `61`. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó fi káàdì kan náà ra ọjà 45,000, ó sì wọlé láìjanpata.

Bó ṣe rí nìyí. Tí a bá ki káàdì bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ránṣẹ́ sí báńkì wa. Báńkì kì í béèrè nípa iye owó nìkan. Ó ń wò ó bóyá a ti gba iye tó yẹ ká gbà lónìí, bóyá ọ̀nà tí a gbà wá ṣí sílẹ̀ fún káàdì náà, àti irú òwò tí ẹni tó ni ẹ̀rọ ń ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ máa ń jẹ́ nọ́ńbà méjì: `51` ni owó kò tó, `61` ni ó ti kọjá òdiwọ̀n, `57` ni a kò gba irú ìnáwó yìí láàyè fún káàdì náà, `91` ni báńkì kò dáhùn. `91` yìí nìkan ló yẹ ká pè ní nẹ́tíwọọ̀kì o.

Òdiwọ̀n ọ̀rẹ́ wa ti wá láti oṣù Kejìlá ọdún 2024, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé oníbàárà kan kò gbọdọ̀ gbà ju 100,000 náírà lọ lóòjọ́ lọ́wọ́ àwọn oní-pí-ó-ẹ́ẹ̀sì. Òfin kan náà ní kí wọ́n máa fi nọ́ńbà òwò `6010` ṣe iṣẹ́ náà, kí wọ́n má sì pò ó mọ́ ọjà títà. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì fi gba káàdì: nọ́ńbà tirẹ̀ yàtọ̀, rírà sì ni, kì í ṣe gbígba owó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣèèṣì fi ṣọ́ọ̀bù náà sí `7995`, tí í ṣe ti tẹ́tẹ́, báńkì tó dínà tẹ́tẹ́ yóò kọ owó ìrẹsì. Ẹni tó ra ìrẹsì kò sì ní í mọ ohun tó ṣẹ̀.

Ti `57` ló ń bí wa nínú jù. Lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná sí òkè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, lẹ́yìn náà àwọn kan tì í pa pátápátá. Lọ́dún 2025 ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà. Láàárín ìgbà yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ san owó fọ́ọ̀mù sí ilé-ìwé lókè òkun ń fi owó kún àkáǹtì, ó ń gbìyànjú, ó tún ń fi kún un. Owó kọ́ ló kù. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, inú áàpù báńkì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti pa ìlò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, oníkáàdì ló sì lè tàn án.

Àwọn kan á ní ọlọ́ṣà lè fi àlàyé ṣe iṣẹ́ ibi. A gbà bẹ́ẹ̀ fún káàdì tí wọ́n jí. Ṣùgbọ́n kí ni ọlọ́ṣà fẹ́ fi òdiwọ̀n tí Báńkì Àpapọ̀ kéde fún gbogbo ìlú ṣe? Òye ọ̀rọ̀ ló kù, a sì ti kọ ọ́ fún wọn. Fún `61`: "Ẹ ti gba iye tí ẹ lè gbà lónìí." Fún `57`: "Káàdì yín kò lè ná owó lọ́nà yìí, ẹ bá báńkì yín sọ̀rọ̀." Fún `91`: "Báńkì yín kò tíì dáhùn, ẹ dúró díẹ̀." Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí rísíìtì bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà náà sí i.