Ara fífu, àníyàn, ominú, àyà jíjá: mẹ́rin ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹyọ kan

1.
Ó ti wá di pé gbogbo ohun tó bá ti mú ọkàn wa kúrò lójú kan, "àǹsáyẹ́tì" la máa ń pè é. Owó oṣù pẹ́, àǹsáyẹ́tì. Ọ̀gá ní òun fẹ́ rí ẹ, àǹsáyẹ́tì. Ẹnì kan ń wò ẹ́ bákan nínú ọkọ̀, àǹsáyẹ́tì. Mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé orúkọ kan ṣoṣo yẹn ti jẹ́ ká máa lo oògùn kan ṣoṣo fún nǹkan mẹ́rin, ìyẹn "fọkàn balẹ̀". Nígbà míì sì rèé, ẹni tí à ń sọ fún pé kó fọkàn balẹ̀, kò yẹ kó fọkàn balẹ̀ rárá.

2.
Ẹ gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́. Ara ń fu mí. Mò ń ṣe àníyàn. Ominú ń kọ mí. Àyà mi ń já. Mo mọ̀ pé a máa ń lò wọ́n mọ́ ara wọn, pàápàá tí ọ̀rọ̀ bá ti ń yára lẹ́nu. Àmọ́ tí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ohun méjì ló yà wọ́n sọ́tọ̀: bí wọ́n ṣe le tó, àti ohun tó fà wọ́n. Màá fi ìdánwò Jámbù tí àbúrò mi obìnrin ṣe ṣàlàyé, torí láàárín oṣù díẹ̀, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan.

3.
Ara fífu ló kọ́kọ́ dé. Ìgbà ìforúkọsílẹ̀ ni. Bùrọ̀dá kan níbi tí wọ́n ti ń gba lẹ́sìnnì sọ fún un pé kó má lọ forúkọ sílẹ̀ ní sẹ́ńtà tí gbogbo èèyàn ń lọ, kó wá sọ́dọ̀ òun. Owó díẹ̀ ló máa fi lé e, ẹlòmíràn sì máa bá a tẹ ìka mọ́ tiẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń gba àmì ìka ọwọ́, "kí nǹkan lè rọrùn lọ́jọ́ ìdánwò". Bùrọ̀dá yìí ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́. Àbúrò mi dé ilé, kò lè sọ ohun tó ń ṣe é gan-an. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ara ń fu mi sí ọ̀rọ̀ yẹn."

4.
Màmá wa ní ẹ̀rù ìdánwò ni, pé kó lọ sùn. Ibi tí orúkọ kan ṣoṣo ti ń ṣeni níjàǹbá nìyẹn. Ara fífu kì í pariwo. Àyà ò já, ọwọ́ ò gbọ̀n, èèyàn ṣì ń jẹun, ó ṣì ń sùn. Ìdí tí kò fi ní ariwo ni pé ara ti rí nǹkan tí ẹnu kò tíì lè pè lórúkọ. Àwọn àgbà ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Kò sí ẹni tó tíì ṣubú níbẹ̀ o, àmọ́ nǹkan kan ò gún régé. Tí o bá wá sọ fún adìẹ pé kó fọkàn balẹ̀, ṣé okùn ti di ilẹ̀ nìyẹn?

5.
Ohun tí ara fífu ń fẹ́ ni ìbéèrè. Mo ní kó sọ ọ̀rọ̀ bùrọ̀dá yẹn fún mi ní ẹyọ ẹyọ, láìfi tiẹ̀ kún un. Nígbà tó dé ibi "ẹlòmíràn á bá mi tẹ ìka", òun fúnra rẹ̀ dákẹ́. Ó ti rí i. Ẹni tó bá tẹ ìka mọ́ tiẹ̀ yóò lè wọlé jókòó ṣe ìdánwò lórúkọ rẹ̀. Wọ́n lè fagi lé èsì irú ẹni bẹ́ẹ̀, òfin Nàìjíríà tó de màgòmágó ìdánwò sì ti wà láti 1999. Bí ìdí ṣe lórúkọ báyìí, ara fífu parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó di ìpinnu: kò lọ. Ìfura loògùn àgbà, wọ́n ní. Ọmọdé náà lè lò ó.

6.
Ó forúkọ sílẹ̀ níbi tó yẹ, àníyàn wá bẹ̀rẹ̀. Eléyìí le ju ara fífu lọ díẹ̀, àmọ́ bó ṣe máa ń pẹ́ ló ń fi í dáni lágara. Ṣé máàkì mi á tó fún kọ́ọ̀sì tí mo fẹ́? Tó bá tó ńkọ́, níbo lowó ilé ìwé ti máa wá? Tí màmá bá tún lọ yáwó ńkọ́? Ìbéèrè kan ń bí òmíràn. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń ṣẹlẹ̀ lónìí, kò sì sí èyí tó ní ọjọ́ tó máa dé. Nínú Bíbélì Yorùbá, ní Mátíù orí 6, ọ̀rọ̀ àníyàn yìí náà ni wọ́n lò fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ, aṣọ àti ọ̀la. Ọ̀rọ̀ ohun tí a fẹ́ràn tí a ò sì ní ìkáwọ́ lé lórí ni.

7.
Ẹ wo gírámà rẹ̀ o, torí nǹkan wà níbẹ̀. Ara ń fu mí, ominú ń kọ mí, àyà mi ń já: nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi kọ́ ni mò ń ṣe é, òun ló ń ṣe mí. Àmọ́ mò *ń ṣe* àníyàn. Iṣẹ́ ni. Ohun tó bá sì jẹ́ iṣẹ́, èèyàn lè fún un ní àkókò. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí àwọn tó ń tọ́jú ọkàn ti ń lò ó ti pẹ́ nìyẹn: wọ́n á ní kí o ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ lójúmọ́, ní aago kan náà, níbì kan náà. Tí àníyàn bá dé láàárọ̀, o ò ní bá a jà, wàá kàn ní kó dúró di aago yẹn.

8.
Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni àbúrò mi mú. Ó pín ìwé sí méjì. Apá kan jẹ́ ti ohun tó lè fọwọ́ kàn lọ́la, bíi pé kò tíì yé òun bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò kan. Apá kejì jẹ́ ti ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, bíi owó ilé ìwé. Ti àkọ́kọ́ di iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Ti ìkejì dúró sórí ìwé. Kò tán o, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ kò tún jí i lóru mọ́.

9.
Ìgbà tí sílíìpù jáde ni ominú wá kọ ọ́. Sẹ́ńtà rẹ̀ wà ní òdìkejì ìlú, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n sì kọ síbẹ̀. Ẹ rí i pé ó yàtọ̀ sí àníyàn: nǹkan kan pàtó ni, ó ní ọjọ́, ó ní aago, ó ń bọ̀. Ominú mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ ló ń fẹ́. A lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé ṣáájú, a wọkọ̀ bí a ṣe máa wọ̀ ọ́ gan-an. Ó gbà wá ní wákàtí kan ààbọ̀. A rí géètì, a rí ibi tí wọ́n ti ń tò. A ṣírò pé aago mẹ́rin ààbọ̀ ló yẹ ká kúrò nílé, ká lè ní ìdajì wákàtí lọ́wọ́ tí ọkọ̀ bá pẹ́. Bí a ṣe ń padà bọ̀, ó ti ń bá mi ṣàwàdà.

10.
Èyí ni mo fi ń mọ ominú yàtọ̀. Tí o bá múra sílẹ̀, ó máa ń dín kù. Tí o bá ti múra tán tí kò dín kù rárá, yẹ̀ ẹ́ wò: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àníyàn ló wọ aṣọ ominú, tàbí kó jẹ́ pé ara ń fu ẹ́ sí nǹkan tí o ò tíì dá mọ̀.

11.
Ọjọ́ ìdánwò, àyà já. Àyà ń lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ tutù, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìbéèrè 180 fún wákàtí méjì. Tí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kan. Nǹkan náà ti dé, wọ́n sì fẹ́ wọn èèyàn wò. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ló pariwo jù, òun náà ni ewu rẹ̀ kéré jù. Ara kàn ń ti ẹ̀jẹ̀ àti agbára síbi tí iṣẹ́ wà ni. Kí o sọ fún àyà tó ń já pé kó dákẹ́, kò lè gbọ́.

12.
Ní 2014, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Háfáàdì tẹ ìwádìí kan jáde lórí èyí. Ó ní káwọn èèyàn kọrin, kí wọ́n sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, kí wọ́n ṣe ìṣirò. Àwọn tó kọ́kọ́ fẹnu ara wọn sọ pé ara àwọn yá sí i ṣe dáadáa ju àwọn tó ní àwọn fara balẹ̀ lọ. Ó bọ́gbọ́n mu: àyà tó ń lù nítorí ìbẹ̀rù àti èyí tó ń lù nítorí ayọ̀ jọra, ó rọrùn láti yí orúkọ rẹ̀ padà ju láti dá a dúró lọ. Àwa sì ti ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Mo ní kó máa sọ ọ́ lọ́nà, "ara mi yá gágá." Ó rẹ́rìn-ín mi. Ó ní nígbà tí òun fi máa dé ìbéèrè kẹwàá, òun ò rántí àyà òun mọ́.

13.
Ààlà wà o. Tí ìpayà bá ṣàdédé dìde láìsí ohun kan, tó dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí èémí ò délẹ̀, tó dà bí ẹni pé èèyàn fẹ́ kú, tó sì ń padà wá, ìyẹn kì í ṣe àyà jíjá lásán. Tí àníyàn bá gba oṣù mẹ́fà, tó jẹ́ pé ọjọ́ tó ń wá pọ̀ ju ọjọ́ tí kì í wá lọ, tí oorun ò dá, tí iṣan ń le, tí ara ń rẹ èèyàn láìṣiṣẹ́, àìsàn ti wà ńbẹ̀. Ọsibítù nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èmi kọ síbí.

14.
Ọ̀rọ̀ mi ò ju báyìí lọ. Bí nǹkan ṣe le lára kọ́ ni ewu rẹ̀ ṣe tó. Èyí tó pariwo jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìbéèrè mẹ́wàá ló fi tán. Èyí tó dákẹ́ jù ni ì bá ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ jẹ́, ká ní a rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Tẹ́nì kan bá wá bá ẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ "fọkàn balẹ̀". Ẹ kọ́kọ́ bi í: kí ló fà á? Ṣé ó ti dé ni, àbí ó ń bọ̀? Tí kò bá mọ ohun tó fà á, tí ara kàn ń fu ú, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ jọ wá a.