Ìwé Owó Oṣù Kẹfà Ọdún 2004

Lọ́dún 1992 ni wọ́n dá Pọlitẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ẹdẹ. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí wọ́n gbà ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2004 ní ìwé kan tí kò gbọdọ̀ sọnù: ìwé owó oṣù kẹfà ọdún náà gan-an.

Ọdún yẹn ni òfin ìfẹ̀yìntì tuntun dé, tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ fi ń dá owó jọ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ látẹ̀yìn kò ní kọ́bọ̀ nínú àpamọ́ tuntun yìí. Ìjọba ló jẹ ẹ́ ní owó ọdún àtẹ̀yìnwá, owó tí ó sì ń gbà ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà 2004, pẹ̀lú iye ọdún tó ti lò, ni wọ́n fi ń ṣírò gbèsè náà. Ìwé owó oṣù ló ń fi owó yẹn hàn, ìwé ìgbanisíṣẹ́ ló sì ń fi iye ọdún hàn.

Ẹ jẹ́ ká wo akọ̀wé kan tó wọṣẹ́ ní oṣù kẹfà 1998. Ọdún mẹ́fà ló ti lò. Bí ikán bá ti jẹ ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, tó sì jẹ́ ìwé tí wọ́n fi fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ ní 2000 nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún mẹ́rin péré ni ìwé ọwọ́ rẹ̀ lè jẹ́rìí sí. Ìdá kan nínú mẹ́ta ọdún rẹ̀ di ohun tí yóò máa fi ẹnu lásán ṣàlàyé.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ kò ní irú gbèsè yẹn, ṣùgbọ́n ìwé owó oṣù tiyín ní iṣẹ́ mìíràn. Bí owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ yín lápapọ̀ bá jẹ́ ₦100,000, ₦8,000 ni wọn yóò yọ lọ́wọ́ yín, agbanisíṣẹ́ yóò sì fi ₦10,000 kún un, ó kéré tán. ₦18,000 ló yẹ kó wọ inú àpamọ́ ìfẹ̀yìntì yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n sanwó. Ẹ gbé ìwé owó oṣù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà ń fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ti yọ ₦8,000 ní oṣù kẹta, tí àkọsílẹ̀ kò sì fi nǹkan kan hàn fún oṣù náà, agbanisíṣẹ́ ló di owó yín mú, ìwé yẹn sì ni ẹ̀rí yín.

Orúkọ tún máa ń dá wàhálà sílẹ̀, pàápàá fún obìnrin tó yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Kí ó so ìwé ìbúra àti ojú ewé ìwé ìròyìn tó gbé ìyípadà náà jáde mọ́ ìwé ìgbanisíṣẹ́.

Lóde òní, íméèlì ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń gba ìwé owó oṣù, íméèlì yẹn sì máa ń tì pa ní ọjọ́ tí èèyàn bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ máa fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí íméèlì tara yín lóṣooṣù, kí ẹ sì tẹ ti oṣù tí wọ́n bá fi kún owó yín sórí bébà.