Ẹ Má Jẹ́ Kí Màmá Fúnra Wọn Búra

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n bí sílé, nígbà tí àwọn òbí wa kì í forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. A ti di ọmọ Amẹ́ríkà báyìí, a sì fẹ́ mú ìyá wa wá. Fọ́ọ̀mù I-130 ní kí ọmọ fi ìwé ọjọ́ ìbí tirẹ̀ hàn, èyí tí orúkọ ìyá wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé kí màmá lọ sí kóòtù nílé, kí wọ́n lọ búra ọjọ́ orí fún wa. Nílé, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè, torí ta ló tún mọ ìgbà tí wọ́n bímọ ju abiyamọ lọ? Ṣùgbọ́n òfin ìmígíréṣọ̀n Amẹ́ríkà ní ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀, màmá tí à ń kọ̀wé fún sì ni ọ̀rọ̀ kàn.

Àfidáfíìtì kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ sáré sí pàápàá. Ẹ kọ́kọ́ gba lẹ́tà ìjọba tó sọ pé àkọsílẹ̀ ìbí yín kò sí. Àjọ Ètò Ìkànìyàn nílé máa ń fún ẹni tí wọ́n bí ṣáájú 1992 ní ìwé ìjẹ́rìí ìbí. Ẹ gba ìyẹn náà, ẹ fi kún un. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ni, nítorí náà ẹ wá èyí tó ti pẹ́: àkọsílẹ̀ ìrìbọmi, tàbí ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó dárúkọ òbí. Bí gbogbo èyí kò bá sí, tí ẹ sì lè fi hàn pé kò sí, ìgbà náà ni àfidáfíìtì ẹni méjì, ó kéré tán, tó wọlé.

Ká ní wọ́n bí ẹnì kan sílé ní Òkè-Ihò ní 1974. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀, tí wọ́n bí ní 1950, lè búra fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà kò lè ṣe é. Kí ìyàwó àbúrò bàbá náà kọ orúkọ wọn ní kíkún, ibi tí wọ́n ń gbé, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n bí àwọn fúnra wọn, àti bí wọ́n ṣe jẹ́ sí ọmọ náà. Kí wọ́n dárúkọ ọmọ àti òbí rẹ̀ méjèèjì, ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ibi tí wọ́n bí i sí. Lẹ́yìn náà ni kókó tí àwọn akọ̀wé kóòtù sábà máa ń fò: báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? “Agboolé kan náà la jọ ń gbé, èmi ni mo gbé omi fún agbẹ̀bí lóru ọjọ́ náà, mo sì wà níbi ìkómọ.” Bí ẹlẹ́rìí méjèèjì bá búra pẹ̀lú gbólóhùn kan náà láti òkè délẹ̀, wọn yóò fura sí i.

Bí ẹlẹ́rìí náà kò bá mọ̀wé, ó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé pé wọ́n kà á sí wọn létí ní Yorùbá, ó sì yé wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka. Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ti 2011 ló béèrè rẹ̀.

Bí òṣìṣẹ́ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ó lè dábàá àyẹ̀wò DNA láàárín ìyá àti ọmọ.