Ẹ Má Ṣe Pe Àrunṣu Ọmọ Ní Eyín Mọ́

Ẹni tí ó bá ń gba Bọ́ládé kọjá ní Òṣòdì kò ní ṣàì rí ìyá kan tí ó pọn ọmọ tí ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, tí ó dúró níwájú ìsọ̀ oníkẹ́míìsì. Oògùn eyín àti Fílájìlì ni ó ń rà. Bí a bá bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe ọmọ náà, yóò ní: “Eyín ni ó ń hù.” Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un, oníkẹ́míìsì kò sì jiyàn. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá jà lónìí, nítorí pé ó ń pa ọmọ.

Eyín kì í fa àrunṣu. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni eyín ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Àsìkò náà gan-an ni ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ ń tán lọ, tí ọmọ ń rá, tí ó sì ń ki ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà bọ ẹnu. Nígbà náà ni kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì rótà ń rí ọ̀nà wọlé. Ó ń ba awọ inú ìfun kékeré jẹ́, èyí tí ó yẹ kí ó máa fa omi sínú ara. Ọmọ á máa bì, ara rẹ̀ á gbóná, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì di omi. Eyín kàn bá àrùn pàdé lọ́nà ni. Fílájìlì kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Ní ti oògùn eyín, ẹ rántí ọdún 2008 sí 2009, nígbà tí èyí tí à ń pè ní Mai Píkìn, tí májèlé ti wọ inú rẹ̀, pa ọmọ tí ó lé ní 80 ní Nàìjíríà.

Oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni ìjọba wa tó fi àjẹsára rótà kún àwọn tí ọmọ ń gbà. Wọn kì í fi abẹ́rẹ́ gún un. Ẹnu ni wọ́n ń kán an sí, nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní yóò gba ti àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì, ti kejì ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta, àti ti ìkẹyìn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin. Nígbà tí eyín rẹ̀ bá fi máa yọ ní nǹkan bí oṣù keje, ìfun rẹ̀ ti mọ ọ̀tá yìí.

Àwọn kan yóò ní: “Ọmọ mi gbà á, ó sì tún ṣu omi.” Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò ni ó ń fa àrunṣu, rótà nìkan sì ni àjẹsára yìí ń bá jà. Ọmọ tí ó gbà á pàápàá lè kó rótà, ṣùgbọ́n kì í sábà le débi tí a ó fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹ wo Ruwáńdà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, ọdún mẹ́wàá gbáko ṣáájú wa. Láàárín ọdún méjì, iye ọmọ tí rótà gbé dé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ti dín ní ohun tí ó ju 60 lọ nínú 100. Ti gbogbo àrunṣu lápapọ̀ kò dín tó ìdá mẹ́ta. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí á bi ara wa ni pé, ṣé omi dírípù ni ó gba ọmọ náà là?

Àwọn mìíràn ní ìmọ́tótó ti tó. Ṣáájú ọdún 2006 tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ àjẹsára tí wọ́n ń lò títí di òní, rótà ń gbé ọmọ tí ó ju 55,000 lọ dé ilé ìwòsàn wọn lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ omi ẹ̀rọ wọn mọ́ gaara. Ìmọ́tótó dára, ṣùgbọ́n kò tó láti dá rótà dúró.

N kò ní purọ́ fún yín pé kò ní ewu kankan. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìfun ọmọ lè wọ inú ara rẹ̀. Èyí ni ó mú kí Amẹ́ríkà dá àjẹsára rótà àkọ́kọ́ dúró ní ọdún 1999. Ti ìsinsìnyí kò ní ewu tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń kígbe léraléra, tí ó ń ká ẹsẹ̀ sí ikùn, tí ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí àrunṣu bá sì dé, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń ta nínú ọ̀rá kékeré, pẹ̀lú oògùn síńkì, ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Bí àwùjẹ ọmọ bá jìn, tí kò sì tọ̀ mọ́, ẹ fi ìsọ̀ sílẹ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni òkèèrè ti wa. Ìyá ọkọ tí ó mọ̀ pé eyín ń bọ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè káàdì àjẹsára ọmọ ọmọ rẹ̀.